Káámà Kì í Ṣe Ẹ̀san: Ìtàn Alápatà Mítílà fún Ẹ̀yin Ọmọ Girama

1.
Ẹ̀yin ọmọ girama tó ń tẹ̀lé mi, ẹ sún mọ́bí. Ọ̀rọ̀ mẹ́ta la fẹ́ tú lónìí: káámà, dáámà àti àtúnwáyé, bí àwọn ẹlẹ́sìn Híńdù ilẹ̀ Íńdíà ṣe gbà wọ́n gbọ́. Ẹ̀kọ́ nípa ẹ̀sìn ni mo kà ní yunifásítì, iṣẹ́ tí mo sì ń fi fóònù mi ṣe báyìí ni kí n máa fọ́ ohun tó le sí wẹ́wẹ́ fún yín. Ó máa gùn díẹ̀ o. Ẹ rọra máa kà á bọ̀.

2.
Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ ti wà lẹ́nu gbogbo wa. Ẹnì kan já ọ̀rẹ́bìnrin rẹ̀ jù sílẹ̀ lánàá, ó ṣubú lórí ọ̀kadà lónìí, kíá, a ti kọ ọ́ sábẹ́ fọ́tò rẹ̀ pé "káámà ti dé!" Bí a ṣe ń lò ó nìyẹn, àfi bí ẹni pé káámà jẹ́ ọlọ́pàá tó lúgọ sí kọ̀rọ̀ kan. Ṣùgbọ́n nínú èdè Sáńsíkírítì, èdè àtijọ́ tí wọ́n fi kọ àwọn ìwé mímọ́ Híńdù, ìtumọ̀ káámà gan-an ò ju "ìṣe" lọ. Ohun tí èèyàn ṣe ni káámà rẹ̀. Nígbà tó yá ni wọ́n wá ń fi pe ìṣe náà pẹ̀lú èso tó máa so.

3.
Ẹ fi wé irúgbìn. Ẹni tó gbin àgbàdo ò ní ká iṣu. Kì í ṣe pé ilẹ̀ ń bínú sí i. Ohun tó wà nínú irúgbìn náà ló jáde. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín káámà àti ẹ̀san nìyẹn. Ẹ̀san ní láti ní ẹni tó ń san án. Káámà dà bí èso tó ti wà nínú ìṣe kí ìṣe náà tó parí. Àwọn olùkọ́ Híńdù fúnra wọn ò fẹnu kò lórí bí èso náà ṣe ń jáde: àwọn kan ní Ọlọ́run ló ń pín in fún kálukú bó ṣe tọ́ sí i, àwọn kan ní ìṣe fúnra rẹ̀ lágbára láti so. Ohun tí wọ́n jọ gbà ni pé ìṣe kan ò lè lọ láìso èso.

4.
Irúgbìn tún kọ́ wa ní nǹkan kejì: àkókò wọn ò dọ́gba. Ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀ tí ẹ gbìn lónìí, láàárín oṣù kan sí méjì ẹ ti ń já a sọ́bẹ̀. Ẹni tó gbin kóró máńgòrò lè dúró ọdún márùn-ún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bẹ́ẹ̀ náà ni ìṣe. Òmíràn á so lójú ẹsẹ̀, òmíràn ò ní so títí ẹni tó ṣe é á fi kú. Ibi tí àtúnwáyé ti wọlé nìyẹn. Tí kò bá sí ìṣe tó lè lọ láìso, tí ẹlòmíràn sì kú kí tirẹ̀ tó so, á jẹ́ pé ayé kan ò tó. Ẹ rí i pé àwọn ọ̀rọ̀ náà so mọ́ra? Ẹ ò lè yọ ọ̀kan kí ìyókù dúró.

5.
Àpẹẹrẹ kan kí a tó wọnú ìtàn. Dókítà mú ọ̀bẹ, ó la ikùn èèyàn. Adigunjalè mú ọ̀bẹ, òun náà la ikùn èèyàn. Ẹ̀jẹ̀ jáde níbi méjèèjì. Kódà, ó ṣeé ṣe kí aláìsàn dókítà kú, kí ẹni tí olè gún yè. Ǹjẹ́ káámà àwọn méjèèjì dọ́gba? Rárá. Ohun tó wà lọ́kàn ẹni tó mú ọ̀bẹ jẹ́ ara ìṣe náà. Nítorí náà, tí wọ́n bá bi yín ní ìdánwò pé kí ni káámà, ẹ má kọ "ohun tí ọwọ́ ṣe" nìkan. Ọwọ́, ẹnu àti ọkàn ló ń dá káámà.

6.
Ó yá, ìtàn. Ó wà nínú Mahábáráta, ìwé ìtàn ńlá kan tí àwọn Híńdù pín sí apá 18. Nínú apá kẹta, ọba Yudíṣítírà àti àwọn àbúrò rẹ̀ wà nínú igbó, wọ́n ti lé wọn kúrò nílùú. Àgbà ọlọ́gbọ́n kan tó ń jẹ́ Mákándéyà wá ń sọ ìtàn fún wọn níbẹ̀. Ọ̀kan lára àwọn ìtàn náà ni mo fẹ́ fà yọ, torí pé ọ̀rọ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wà nínú rẹ̀ pátápátá.

7.
Ọkùnrin kan wà tó ń jẹ́ Káúṣíkà. Bíráámìnì ni, ìyẹn ìdílé àwọn àlùfáà àti ọ̀mọ̀wé. Ó ti fi ilé sílẹ̀, ó ń fi ọjọ́ rẹ̀ ka Fédà, àwọn ìwé mímọ́ wọn. Lọ́jọ́ kan, ó jókòó sábẹ́ igi, ó ń kà á lọ, ni ẹyẹ kan tó jọ lékeléke bá yàgbẹ́ sí i lára láti òkè. Káúṣíkà gbójú sókè, ó fi ìbínú wò ó. Pòó! Ẹyẹ bọ́ sílẹ̀, ó kú. Agbára tó ti kó jọ látinú ààwẹ̀ àti àdúrà ló bá ojú rẹ̀ jáde. Àánú ẹyẹ náà ṣe é, ó kábàámọ̀, ó dìde, ó sì wọ abúlé lọ tọrọ oúnjẹ gẹ́gẹ́ bí ìṣe rẹ̀.

8.
Ó dé ilé kan. Ìyàwó ilé ní kó dúró díẹ̀, òun ń fọ abọ́ tí òun máa fi bu oúnjẹ fún un. Ibi tí obìnrin náà ti ń fọ abọ́ ni ọkọ rẹ̀ ti wọlé, ebi ń pa á. Obìnrin yìí fi ti àlejò sílẹ̀, ó bu omi fún ọkọ rẹ̀ láti fi fọ ẹsẹ̀, ó gbé oúnjẹ fún un, ó dúró tì í. Ìgbà tó yá ló rántí Káúṣíkà níta. Ó sáré gbé oúnjẹ jáde, ó ń bẹ̀ ẹ́. Káúṣíkà ti gbaná jẹ. Ó ní ṣé kò mọ ohun tí ìbínú bíráámìnì lè ṣe ni? Obìnrin náà wò ó, ó wá dá a lóhùn wẹ́rẹ́ pé òun kì í ṣe ẹyẹ orí igi o.

9.
Ẹ dúró níbẹ̀ ná. Kò sẹ́ni tó sọ ọ̀rọ̀ ẹyẹ fún un. Inú igbó ló ti ṣẹlẹ̀, Káúṣíkà nìkan ló wà níbẹ̀. Báwo ni ìyàwó ilé tí kì í jókòó sábẹ́ igi ka Fédà ṣe mọ̀ ọ́n? Èsì obìnrin náà ni pé iṣẹ́ tó já lé òun léjìká lòun ń ṣe tọkàntọkàn, ibẹ̀ ni òye òun ti wá. Ó ní ìwé ni Káúṣíkà mọ̀, kò tíì mọ dáámà. Tó bá fẹ́ mọ̀ ọ́n, kó lọ sí ìlú Mítílà, kó béèrè alápatà kan.

10.
Alápatà kẹ̀! Ẹ rántí pé láàárín àwọn bíráámìnì, ẹni tó ń ta ẹran wà nísàlẹ̀ pátápátá. Àmọ́ Káúṣíkà lọ. Ó bá ọkùnrin náà ní ìsọ̀ ẹran, ó ń ta ẹran àgbọ̀nrín àti ẹran ẹfọ̀n, àwọn oníbàárà pé lé e lórí. Káúṣíkà dúró sẹ́yìn ní kọ̀rọ̀. Alápatà ló dìde wá bá a, ó kí i tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, ó ní òun mọ̀ pé obìnrin yẹn ló rán an wá, òun sì mọ ìdí tó fi rán an. Ó mú un lọ sílé.

11.
Káúṣíkà ò lè pa á mọ́ra. Ó ní iṣẹ́ yìí ò yẹ irú rẹ. Èsì alápatà náà ló yẹ kí ẹ fi sọ́kàn. Ó ní iṣẹ́ ìdílé òun ni, àwọn bàbá òun ló ń ṣe é bọ̀. Òun kì í pa ẹran fúnra òun, èyí tí ẹlòmíràn pa lòun ń tà, òun kì í sì í jẹ ẹran. Òun kì í purọ́, òun kì í ṣe ìlara, òun ń fún èèyàn ní nǹkan bí agbára òun ṣe mọ, òun ń tọ́jú àwọn tó wà lábẹ́ òun. Lẹ́yìn náà ó mú Káúṣíkà wọ yàrá àwọn òbí rẹ̀. Àwọn arúgbó méjì jókòó, wọ́n ti jẹun yó, aṣọ funfun wà lára wọn. Ọmọ wọn dọ̀bálẹ̀ fún wọn. Ó ní ohun tí àwọn ẹlòmíràn ń ṣe fún àwọn òrìṣà, àwọn méjì yìí lòun ń ṣe é fún.

12.
Ibi tí dáámà wà nìyẹn. Ọ̀rọ̀ náà wá láti inú ọ̀rọ̀ Sáńsíkírítì kan tó túmọ̀ sí "gbé ró" tàbí "dì mú." Dáámà ni ohun tó gbé ayé ró kó má wó: ìwà tó tọ́ àti ojúṣe. Ó pín sí ọ̀nà méjì. Ọ̀kan jẹ́ ti gbogbo èèyàn: má purọ́, má jalè, má ṣe ìkà, kó ara rẹ níjàánu. Èkejì jẹ́ ti kálukú, bí ipò rẹ̀, ọjọ́ orí rẹ̀ àti iṣẹ́ rẹ̀ bá ṣe rí. Dáámà akẹ́kọ̀ọ́ ni kó kẹ́kọ̀ọ́, kó sì bọ̀wọ̀ fún olùkọ́. Dáámà ọba ni kó dáàbò bo ìlú. Ohun tó jẹ́ dáámà fún ọba, bíi kó fìyà jẹ ọ̀daràn, tí akẹ́kọ̀ọ́ bá dá a ṣe, ẹ̀ṣẹ̀ ni.

13.
Ẹ wá gbé àwọn méjèèjì sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn. Káúṣíkà: ìdílé ńlá, ìwé rẹpẹtẹ, agbára tó ń pa ẹyẹ láti ojú. Alápatà: ìdílé tí wọ́n ń fojú tẹ́ńbẹ́lú, iṣẹ́ tí wọ́n ń yínmú sí. Ṣùgbọ́n alápatà ló jókòó tó ń kọ́ bíráámìnì lẹ́kọ̀ọ́. Ó wá tú àṣírí rẹ̀ sí i lójú: Káúṣíkà fi bàbá àti ìyá rẹ̀ sílẹ̀ láìgba àyè lọ́wọ́ wọn. Wọ́n ti darúgbó, wọ́n ti sunkún rẹ̀ títí ojú wọn fi fọ́. Ìmọ̀ràn alápatà ò gùn: padà sílé, lọ tọ́jú wọn.

14.
Ṣé ẹ rò pé ó tán? Káúṣíkà béèrè pé báwo ni ọlọ́gbọ́n bíi tìrẹ ṣe wá di alápatà. Ibí ni àtúnwáyé ti yọjú. Alápatà ní nínú ayé tí òun kọ́kọ́ wá, bíráámìnì lòun, òun mọ Fédà dáadáa. Òun bá ọba kan ṣọ̀rẹ́, ọba náà fẹ́ràn ọfà títa, òun náà bá kọ́ ọ. Lọ́jọ́ kan wọ́n lọ ṣọdẹ, òun ta ọfà kan, ọfà náà lọ bá ẹni mímọ́ kan tí kò ṣẹ òun. Ẹni mímọ́ náà fi í gégùn-ún pé wàá tún ayé wá, ìdílé ọdẹ tó wà nísàlẹ̀ ni wọ́n á ti bí ọ. Ó bẹ̀bẹ̀. Ẹni mímọ́ ní ọ̀rọ̀ náà ò ṣeé pa dà mọ́, ṣùgbọ́n wàá mọ dáámà, wàá tọ́jú àwọn òbí rẹ, wàá máa rántí ayé tó o ti kọ́kọ́ wá. Ó yọ ọfà náà kúrò lára rẹ̀, ó gbé e lọ sílé. Ẹni mímọ́ ò kú.

15.
Ọ̀kan nínú yín á sọ pé: Àǹtí, ẹ̀yin lẹ ní káámà kì í ṣe ẹ̀san, ègún wá ńkọ́? Ìbéèrè gidi ni. Nínú àwọn ìtàn yìí, ègún sábà máa ń jẹ́ ẹnu tí èso ìṣe ń gbà sọ̀rọ̀. Ẹ wò ó: ẹni tó gégùn-ún fúnra rẹ̀ ò lè dá a padà nígbà tí àánú ṣe é. Tó bá jẹ́ ẹ̀san lásán ni, ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ lè dárí jini, kó tán síbẹ̀. Ọfà ti kúrò lọ́wọ́. Ibi tó bá dé, ibẹ̀ ló dé.

16.
Ọfà yìí gan-an ni àwọn olùkọ́ Híńdù fi ń ṣàlàyé oríṣi káámà mẹ́ta. Ẹ ro tafàtafà kan. Apó tó kọ́ sẹ́yìn kún fún ọfà: ìyẹn ni gbogbo ìṣe tó ti kó jọ láti ọ̀pọ̀ ayé tí kò tíì so, wọ́n ń pè é ní sáńṣítà. Ọfà kan ti kúrò lára ọrun, ó ń fò lọ: ìyẹn ni apá tó ti bẹ̀rẹ̀ sí í so nínú ayé yìí, ibi tí wọ́n bí ọ sí, ara tí wọ́n fún ọ. Pirárábúdà lorúkọ rẹ̀. Ọfà kẹta ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó ń fi í sọ́rùn ọrun: ìyẹn ni ohun tó fẹ́ ṣe báyìí, àgámì. Èyí tó ti fò, kò lè pè é padà. Èyí tó wà lọ́wọ́, ó lè gbé e sílẹ̀.

17.
Ẹ fi alápatà wọ̀n ọ́n. Ìdílé tí wọ́n bí i sí, ọfà tó ti fò ni, kò jà sí i. Bó ṣe ń ta ẹran láìpurọ́, bó ṣe ń tọ́jú òbí rẹ̀, ọfà ọwọ́ rẹ̀ nìyẹn, ó sì ta á síbi tó dáa. Ìdí nìyẹn tí káámà ò fi bá ohun tí àwa Yorùbá ń pè ní àkúnlẹ̀yàn dọ́gba. Nínú ìgbàgbọ́ wa, èèyàn kúnlẹ̀ lọ́run, ó yan orí kó tó wáyé. Nínú ti Híńdù, kò sẹ́ni tó kúnlẹ̀ yan nǹkan kan. Ohun tí o ti ṣe tẹ́lẹ̀ ló gbé ọ dé ibi tí o wà.

18.
Àtúnwáyé náà yàtọ̀ sí tiwa, ẹ má ṣe pa wọ́n pọ̀ nínú ìwé ìdánwò yín. Tí a bá sọ ọmọ ní Babátúndé tàbí Yétúndé, ohun tí à ń sọ ni pé àgbà ilé kan ti padà sínú ẹbí rẹ̀, a sì ń yọ̀. Ní ti Híńdù, ẹ̀mí tó kú lè lọ sí ìdílé tí kò mọ̀ rí, ó lè di ẹranko pàápàá. Kì í sì í ṣe ohun ayọ̀. Sansárà ni wọ́n ń pe yíyípo yìí, bíbí, kíkú, bíbí, kíkú. Ohun tí wọ́n ń wá ni mókíṣà, ìyẹn ni kí ẹ̀mí bọ́ nínú rẹ̀ pátápátá, kó má padà wá mọ́. Àdúrà wa ni kí bàbá tún padà wá. Àdúrà tiwọn ni kí bàbá má ṣe padà wá mọ́.

19.
Ìtàn kúkurú kan lórí ìyẹn, láti inú ìwé Bagafátà Puránà. Ọba Bárátà fi oyè sílẹ̀, ó lọ ń gbé létí odò kó lè gba mókíṣà. Àgbọ̀nrín tó lóyún kan gbọ́ ohùn kìnnìún, ó fò, ọmọ bọ́ lára rẹ̀ sínú omi, ìyá kú. Bárátà gbé ọmọ àgbọ̀nrín náà, ó tọ́ ọ. Iṣẹ́ àánú ni, àbí? Ṣùgbọ́n díẹ̀díẹ̀, ọkàn rẹ̀ ò sí lára àdúrà mọ́, ọmọ àgbọ̀nrín ló kù tó ń rò. Òun ló ń rò nígbà tó ń kú lọ. Ó tún ayé wá, ó di àgbọ̀nrín. Kì í ṣe pé wọ́n fìyà àánú jẹ ẹ́ o. Ohun tí ọkàn rẹ̀ dì mọ́ ló gbé e lọ. Ẹ fi wé alápatà: òun náà ń tọ́jú ẹlòmíràn lójoojúmọ́, ṣùgbọ́n ojúṣe ni ó fi ṣe é, kò jẹ́ kó gbé òun mì.

20.
Mo fẹ́ sọ ìdí tí ọ̀rọ̀ yìí fi kan èmi gan-an. Àbúrò mi ọkùnrin ní àrùn fòníkú-fọ̀ladìde. Ìgbà kan tí ara rẹ̀ ò yá, obìnrin kan wá kí wa, ó jókòó tì wá, ó mí kanlẹ̀, ó ní, "Ta ló mọ ohun tó ṣe nígbà tó kọ́kọ́ wá sáyé? Káámà nìyẹn." Ó rò pé ó ń sọ ọ̀rọ̀ ìtùnú. Lóru ọjọ́ yẹn, àbúrò mi pè mí, ó ní, "Àǹtí mi, kí ni mo ṣe?" Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún.

21.
Ohun tí mo kọ́kọ́ sọ fún un ò sí nínú ìwé Híńdù kankan. Mo ní bàbá wa AS, ìyá wa AS. Gbogbo oyún tí irú àwọn méjì bẹ́ẹ̀ bá ní, ìdá kan nínú mẹ́rin ni pé kí ọmọ jẹ́ SS. Èmi bọ́ sí ìdá mẹ́ta, ìwọ bọ́ sí ìdá kan. Bí ẹ̀jẹ̀ ṣe ń ṣiṣẹ́ nìyẹn. Lẹ́yìn náà ni mo wá mú un wọ inú ọ̀rọ̀ obìnrin yẹn, torí mo mọ̀ pé ó ti wọ̀ ọ́ lára.

22.
Mo ní òótọ́ ni pé ẹ̀kọ́ Híńdù sọ pé ara tí wọ́n bí wa sí wá látinú ìṣe àtẹ̀yìnwá. Mi ò ní bò ó mọ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn ìwé wọn náà sọ pé ọ̀nà káámà jìn, ojú lásán ò lè tọ ipa rẹ̀. Alápatà rántí ayé rẹ̀ torí pé wọ́n fún un ní ẹ̀bùn ìrántí. Ta ló fún obìnrin yẹn? Ẹni tó bá tọ́ka sí aláìsàn tó ní "ó jẹ ẹ́ níyà" ń sọ ohun tí kò mọ̀. Èyí tó tún lé sí i ni pé ẹnu ń dá káámà. Àìsàn rẹ jẹ́ ọfà tó ti fò, ẹnikẹ́ni ò mọ ẹni tó ta á. Ọ̀rọ̀ tó sọ sí ọ lára ńkọ́? Ọfà ọwọ́ tirẹ̀ nìyẹn, ojú wa ló sì ṣe ta á. Àbúrò mi rẹ́rìn-ín díẹ̀.

23.
Ìtàn kan tún wà nínú Mahábáráta tó yẹ kí gbogbo ọmọ girama mọ̀. Ẹni mímọ́ Mandáfyà ń ṣe ààwẹ̀ ẹnu, kì í sọ̀rọ̀. Àwọn olè sáré wá kó ẹrù sí ilé rẹ̀. Àwọn ẹ̀ṣọ́ ọba dé, wọ́n bi í, kò fọhùn. Wọ́n bá ẹrù níbẹ̀, ọba ní kí wọ́n kàn án mọ́ òpó ṣóńṣó. Kò kú. Nígbà tí ọba mọ̀ pé ẹni mímọ́ ni, ó bẹ̀ ẹ́, wọ́n fẹ́ yọ òpó náà, kò yọ, wọ́n gé e, ìyókù sì wà lára rẹ̀. Mandáfyà lọ bá Dáámà fúnra rẹ̀, adájọ́ àwọn òkú, ó ní kí ni mo ṣe? Adájọ́ ní nígbà tí o wà lọ́mọdé, o fi koríko gún àwọn kòkòrò.

24.
Mandáfyà ò gbà. Ó ní ìyà yìí ti pọ̀ jù fún ohun tí ọmọdé ṣe láìmọ̀. Ó gbé òfin kalẹ̀ níbẹ̀ pé ohun tí ọmọ bá ṣe títí di ọdún 14 ò ní jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀ sí i lọ́rùn. Ó sì fi adájọ́ gégùn-ún pé kó lọ tún ayé wá látinú obìnrin Ṣúdírà, ìyẹn ẹ̀yà tó wà nísàlẹ̀. Ó wá bẹ́ẹ̀ lóòótọ́: òun ni wọ́n bí ní Fídúrà, ọkùnrin tó gbọ́n jù láàfin, tí kò sì lè jọba nítorí ìyá rẹ̀. Ṣé ẹ rí nǹkan tó wà níbẹ̀? Adájọ́ pàápàá jẹ̀bi, torí pé ìdájọ́ rẹ̀ ò wọ̀n bó ṣe yẹ. Àwọn tó ni ìwé yìí fúnra wọn ti ń bá ìbéèrè àbúrò mi jà tipẹ́tipẹ́.

25.
Ibi tí ẹ̀kọ́ yìí ti ṣe èèyàn léṣe wà, ẹ ò sì gbọ́dọ̀ fò ó. Ní Íńdíà, wọ́n fi káámà ti ìyàsọ́tọ̀ ẹ̀yà lẹ́yìn: tí wọ́n bá bí ọ sí ìsàlẹ̀, ìwọ lo fà á, dúró síbẹ̀. Wọ́n wá ka àwọn kan sí aláìṣeéfọwọ́kàn. B. R. Ambédíkà, tí wọ́n bí sínú wọn, ló ṣe alága ìgbìmọ̀ tó kọ ìwé òfin Íńdíà. Òfin náà bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lọ́dún 1950, ẹsẹ̀ 17 rẹ̀ sì fòpin sí àṣà yẹn. Síbẹ̀ lóṣù kẹwàá ọdún 1956, ní ìlú Nágípúrì, ó fi ẹ̀sìn Híńdù sílẹ̀, ó di ẹlẹ́sìn Búdà, ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn sì tẹ̀ lé e. Ọ̀pọ̀ Híńdù tó dúró náà bá àṣà yẹn jà láti inú ẹ̀sìn wọn. Ìtàn alápatà dára, ṣùgbọ́n òun náà dúró sí ìsọ̀ ẹran. Kò sẹ́ni tó ní kó wá gbé ìdílé rẹ̀ ga. Ẹ lè fẹ́ràn ìtàn náà kí ẹ sì rí ìyẹn.

26.
Tí ẹ bá fẹ́ mọ̀ bóyá ẹ ti lo ọ̀rọ̀ náà bó ṣe yẹ, ẹ bi ara yín ní ìbéèrè kan: ta ni mò ń sọ ọ́ sí? Tó bá jẹ́ ẹlòmíràn tó ṣubú lẹ̀ ń tọ́ka sí, ẹ̀san lẹ ń rò. Tó bá jẹ́ ohun tó wà lọ́wọ́ ẹ̀yin fúnra yín báyìí, tí ẹ fẹ́ mọ ibi tí ẹ máa ta á sí, a jẹ́ pé káámà lẹ ń sọ.

27.
Káúṣíkà dúpẹ́ lọ́wọ́ alápatà, ó yí i ká tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀ bí wọ́n ṣe ń ṣe nílẹ̀ wọn, ó sì padà sọ́dọ̀ àwọn arúgbó méjì tí ojú wọn ti fọ́. Ìwé ò sọ pé ó tún fi ojú pa ẹyẹ kankan. Ẹni tó bá ní ìbéèrè kó béèrè, màá dáhùn ní alẹ́ lẹ́yìn tí mo bá fún àbúrò mi lóògùn rẹ̀.